Ìwé ẹ̀rí kọ ọjọ́ ìrìbọmi Màmá wa sí ibi ọjọ́ ìbí: báwo la ṣe máa mọ ọdún tí wọ́n bí wọn? (Àgbádárìgì)

Ọmọ Àjárá
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Màmá tó bí bàbá mi ti lọ sinmi, a sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sára sàréè wọn. Ọjọ́ orí wọn ló dá wa dúró. Bàbá mi ní 1924 ni wọ́n bí wọn, ohun tí Màmá fúnra wọn máa ń sọ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní 1930 ni, pé òun rí i nínú ìwé. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan nílùú wa kọ fún Màmá ní 1978 ló ń tọ́ka sí. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: orúkọ, Rebeka. Ọjọ́ ìbí, 18 oṣù karùn-ún 1930. Ọjọ́ ìrìbọmi, 18 oṣù karùn-ún 1930. Orúkọ àbísọ Màmá ni Bọ́dúndé.

Ẹnikẹ́ni ò forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní abúlé wọn láyé ìgbà yẹn, nítorí náà ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò fẹ́ kí a gbẹ́ irọ́ sára òkúta.

Gbénró Ìkòròdú
Ẹ kú ìrọ́jú, kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìṣáájú kì í jẹ́ kí ọmọ pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹjọ ni. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́jọ kúrò nínú 18, ẹ ó rí 10 oṣù karùn-ún 1930. Akọ̀wé tó kọ ìwé ẹ̀rí yẹn ló ṣàṣìṣe ní ibi ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n ọdún yẹn tọ̀nà.

Alágbàwí
Arábìnrin, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú Òfin 69 ti ọdún 1992 lórí ìforúkọsílẹ̀ ìbí kì í gba ìwé ìbí gidi lọ́wọ́ Àjọ Ìkànìyàn, lẹ́tà ìjẹ́rìí ìbí ni wọ́n ń fún un. Ẹ lọ búra ọjọ́ orí nílé ẹjọ́, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún yín. Ó ti parí.

Ọmọ Àjárá
Ẹ ṣeun, Alágbàwí, àmọ́ a ò wá ìwé tí a máa fi gba nǹkan kan. Màmá ti lọ. Ọjọ́ tí a bá búra fún, òun náà ni wọ́n máa kọ fún wa. Èyí tó jẹ́ òótọ́ gan-an là ń wá.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, ìwé ìrìbọmi àtijọ́ sì wà lára ohun tí mo ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Gbénró lóhùn, torí àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀. Ìkómọjáde ni tọjọ́ kẹjọ. Ìrìbọmi ní àkókò tirẹ̀. Ní àwọn abúlé tó yí Àgbádárìgì ká, kátíkíìsì ló ń gbé pẹ̀lú ìjọ, àlùfáà tó lè ṣe ìrìbọmi ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Tó bá dé, gbogbo ọmọ tó ti ń dúró dè é ló máa ṣe fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àti èyí tó ti ń sá eré kiri. Ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́ ńkọ́? Bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún lè wà lójú ewé kan náà. Ìrìbọmi jẹ́rìí pé wọ́n ti bí ọmọ náà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ìwé ẹ̀rí ti 1978. Ìwé ẹ̀rí yàtọ̀ sí rẹ́jísítà. Rẹ́jísítà ni ìwé ńlá tí àlùfáà kọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ẹ̀rí jẹ́ ẹ̀dà tí akọ̀wé kan yọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sórí fọ́ọ̀mù tuntun. Fọ́ọ̀mù tuntun ní àyè ọjọ́ ìbí. Rẹ́jísítà Áńgílíkà àtijọ́ kò sábà ní in. Ìlànà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1812 là sílẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì mú wá: nọ́ńbà, ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, orúkọ àwọn òbí, ibùgbé, iṣẹ́ bàbá, orúkọ àlùfáà. Ẹ ò rí ọjọ́ ìbí níbẹ̀, àfi tí àlùfáà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nítorí náà, tí akọ̀wé bá dé ibi àyè ọjọ́ ìbí tí kò sì rí ohun tó máa kọ, ohun mẹ́ta ló ń ṣe. Ó lè fi í sílẹ̀ lófìfo, èyí ló dára jù. Ó lè kọ ohun tí ẹni tó wá gba ìwé bá sọ fún un. Tàbí kó tún ọjọ́ ìrìbọmi kọ. Ọjọ́ méjì tó bára mu délẹ̀ bíi tiyín yìí, ọ̀nà kẹta yẹn ni mo fura sí. Kò ṣòro láti bí ọmọ láàárọ̀ kí wọ́n rì í bọmi lọ́sàn-án tó bá ń kú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrìbọmi pàjáwìrì ni.

Ẹ lọ wo rẹ́jísítà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí fíkà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí yín dání, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ráyè yín lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹ bá dé ìlà Màmá, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ka ojú ewé náà tán, èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo orúkọ ìyá ní pàtàkì. Nínú ilé olórogún, bàbá kan lè ní Rebeka méjì. Kí ẹ tó kúrò, ẹ béèrè rẹ́jísítà kọnfamáṣọ̀n, ìwé ìgbọ́wọ́lé tí Bíṣọ́ọ̀bù ṣe. Wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ orí síbẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Ohun kékeré kan. Ẹ wo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí déètì náà bọ́ sí. Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà Línúọ́ọ̀sì tàbí Máàkì, ẹ tẹ èyí:

```
cal 5 1930
```

Ọjọ́ Àìkú ni 18 oṣù karùn-ún 1930. Ó bá ìrìbọmi mu. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìbí ni, ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ọmọ lè wáyé.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Ó dáa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ó kàn ń fi kún ìfura ni. Wọ́n ń bí ọmọ lọ́jọ́ Àìkú náà.

Sẹ́nà
Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀gùn ni mí, ìjọ Àgùdà sì ni ilé wa, níbí náà ní Àgbádárìgì. Tiwa yàtọ̀ sí ti Áńgílíkà, torí Fadá máa ń kọ ọjọ́ ìbí sínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́. Gbogbo ilé wa ló gbà pé 12 oṣù kẹrin 1931 ni wọ́n bí bàbá àgbà wa, torí òun ni déètì tó wà lókè. Mo ní kí Fadá tó wà níbẹ̀ báyìí kà á fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin, èmi Fadá báyìí ṣe ìrìbọmi fún ọmọ yìí, *natum die 3 ejusdem mensis*. Ìyẹn ni pé a bí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kan náà. *Ejusdem* yẹn ni àwọn ará ilé fò kọjá, torí kò sí orúkọ oṣù níbẹ̀ tí ojú wọn mọ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá nígbà náà.

Ti ìyá wọn ló wá mú mi dúró. *Annorum circiter 30* ni Fadá kọ sí tiwọn, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. *Circiter* yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ojú ni Fadá fi wò wọ́n. Mi ò lè yọ ọdún ìbí kankan nínú ẹ̀ tó lè dá mi lójú, bí wọ́n bá ní 25 ni, mo gbà, bí wọ́n bá ní 38 ni, mo gbà.

Ohun mìíràn: ẹni tó bá ń wá orúkọ Ẹ̀gùn nínú ìwé àwọn Fadá Faransé, kó wò ó lọ́nà tí Faransé ń gbà kọ ọ́. Orúkọ tí a ń fi Hun bẹ̀rẹ̀ lónìí, Houn ni wọ́n kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n sọ pé ìlà àwọn bàbá mi ti sọnù.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ. Bọ́dúndé! Ọmọ tó bọ́dún dé ni. Ọdún Kérésì ni wọ́n bí Màmá. Bàbá yín ní 1924, ó tán, 25 oṣù kejìlá 1924 nìyẹn. Kí lẹ tún ń wá?

Gbénró Ìkòròdú
Èmi náà fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ Bàbá Akọ̀wé lórí ọjọ́ kẹjọ.

Ọmọ Àjárá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ. Fíkà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, akọ̀wé wọn sì jókòó tì mí. Ìwé náà ti gbó, ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, àmọ́ ìlà wa ò fara gbá. Wọ́n ní kí n fi bébà funfun kan sábẹ́ ìlà tí mo bá ń kà kí ojú mi má baà fò, kí n má sì fi fóònù ya á títí tí wọ́n á fi yọ̀ǹda. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ.

Kò sí àyè ọjọ́ ìbí nínú rẹ́jísítà náà rárá, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí. Ní 18 oṣù karùn-ún 1930, ọmọ mẹ́ta ló tẹ̀ léra wọn, bàbá kan náà, ìyá kan náà: Samuẹli, Rebeka, Johana. Abúlé wa ni wọ́n kọ sí ibùgbé, iṣẹ́ bàbá wọn sì ni apẹja. Mo padà sẹ́yìn nínú ìwé náà. Ní 19 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, orúkọ bàbá wọn wà níbẹ̀, àlùfáà sì kọ “àgbàlagbà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rebeka mìíràn wà ní 1933, ọmọ bàbá kan náà, ṣùgbọ́n ìyàwó kejì ló bí i. A mọ̀ ọ́n nílé, ó kú ní kékeré.

Ìwé kọnfamáṣọ̀n náà wà. Ní 26 oṣù kọkànlá 1939, Samuẹli, ọdún 16, àti Rebeka, ọdún 14. Johana ò sí níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo rí i ní 3 oṣù kejìlá 1944, ọdún 15.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yìí. Ẹ jẹ́ kí a tò ó díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde 1930 bọ́ sí 20 oṣù kẹrin. Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ìrìbọmi bàbá yín àgbà, ìgbà tí ìjọ àtijọ́ sì máa ń ṣe é fún àwọn tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nìyẹn. Nígbà tó tó oṣù kan, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ mẹ́ta tí ìyá kan bí, tí kì í ṣe ìbẹta, wọn ò lè jẹ́ ọmọ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Rebeka ló wà láàárín, ẹ̀gbọ́n ọ̀kan, àbúrò ọ̀kan. Bí Johana tilẹ̀ jẹ́ ọmọ òòjọ́ lọ́jọ́ yẹn, Rebeka ò ní lè jẹ́ ọmọ 1930. Ọ̀rọ̀ àǹtí yín ti parí síbẹ̀, ẹ bá mi kí wọn o.

Ó wá ku ọjọ́ orí kọnfamáṣọ̀n. Ẹni tó pé ọdún 14 ní 26 oṣù kọkànlá 1939 tí kò tíì pé 15, wọ́n bí i láàárín 27 oṣù kọkànlá 1924 sí 26 oṣù kọkànlá 1925. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù pé ọdún 14 ni? Kátíkíìsì ló ṣe àkọsílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó bi àwọn òbí, tàbí kó díwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ ká dán ọwọ́ rẹ̀ wò, àbúrò wọn Johana la sì máa fi dán an wò. Ọdún 15 ní 3 oṣù kejìlá 1944 túmọ̀ sí pé wọ́n bí i láàárín 4 oṣù kejìlá 1928 sí 3 oṣù kejìlá 1929. Nígbà ìrìbọmi yóò ti tó oṣù márùn-ún, kò sì ní ju oṣù mẹ́tàdínlógún àbọ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá ẹ̀yìn ìyá ni Johana wà lọ́jọ́ ìrìbọmi. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn kò jìnnà sí òótọ́, ó kéré tán nínú ilé yín.

Ọmọ Àjárá
Bàbá, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀! Màmá Johana ṣì sọ ọ́ fún wa ká tó sin wọ́n: “Bọ́dúndé ló di ọwọ́ bàbá mú lọ síbi omi, èmi wà lẹ́yìn ìyá, mo ń ké.” Ohun tí ìyá wọn ń sọ fún wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ́dúndé ń rìn.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Ọmọ ọdún mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yẹn. Ó ń rìn dáadáa.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́
Ẹ wò ó! 25 oṣù kejìlá 1924 wà nínú àkókò tí bàbá là sílẹ̀ yẹn. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Sẹ́nà
Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun ẹ gbọ́ tèmi. Ìgbà wo ni bàbá wọn di onígbàgbọ́? Oṣù kẹrin 1930 ni wọ́n rì í bọmi, àgbàlagbà ni. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Bọ́dúndé ní 1924 tàbí 1925, ọdún wo ló ní lọ́kàn? Ọdún ìbílẹ̀ ilé wọn ńkọ́? Tàbí ọdún Iléyá ẹbí ìyá, tó bá jẹ́ pé Mùsùlùmí wà níbẹ̀? A ò lè mú Kérésì fún ẹni tí kò tíì gba Kristi.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́
Ẹnu yín dùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ri ènìyàn bọmi ni ó ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Láti 1842 ni Mẹ́tọ́díìsì ti wà ní Àgbádárìgì, àwọn Áńgílíkà ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wọn. Gbogbo ìlú ló ń ṣe Kérésì, ẹni tí kò gbàgbọ́ náà ń jẹ ìrẹsì.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ìdí. Ní tèmi, orúkọ Bọ́dúndé kò lágbára tó láti fa ọjọ́ kan yọ níbí. Ẹ bi àwọn ẹbí bóyá ọdún ìbílẹ̀ kan wà tí ilé wọn ń ṣe, àti oṣù tó máa ń bọ́ sí. Tí ó bá jẹ́ oṣù kẹjọ, a jẹ́ pé oṣù kẹjọ 1925 ni àwa ń wò. Kérésì 1924 ńkọ́? Ní ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé, Rebeka ì bá ku oṣù kan péré kó pé 15, bàbá rẹ̀ sì lè ti pè é ní 15. Ìdí tí mo fi ń fà sí 1925 díẹ̀ nìyẹn, àmọ́ mi ò ní bá yín jà lé e lórí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan tí yóò fẹ́ tàn yín. Tí ẹ bá rí ìwé ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n Màmá tó kọ ọdún ìbí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí tíṣà ti rí i. Ìwé ìrìbọmi ni wọ́n sábà máa ń ní kí òbí mú wá. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti wá, kò tíì di ẹlẹ́rìí kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìrìnnà, tí Màmá bá ní in, tó sì jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí 1978 yẹn ni wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ Àjárá
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọ́n fi ṣe ìwé ìrìnnà, bàbá. 18 oṣù karùn-ún 1930 ló wà nínú ìyẹn náà. Àǹtí ti ń fi méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí méjì láti ọjọ́ yìí.

Nílé, ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àǹtí gbà pé kì í ṣe 1930. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ 1925, wọ́n ní Màmá ò ní purọ́ fún àwọn. Mo ti béèrè nípa ọdún ìbílẹ̀. Àgbà kan sọ pé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, òmíràn ní ìgbà ọyẹ́ ni.

Gbénró Ìkòròdú
Ẹ kọ “nǹkan bí 1925” sára òkúta, kí gbogbo yín sinmi.

Akọ̀wé Fẹ́sìrì
Èmi ì bá kọ “1924/1925”, torí ohun tí ìwé fi hàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbẹ́ ẹ. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá ti ṣègbéyàwó? Rẹ́jísítà ìgbéyàwó ní àyè fún ọjọ́ orí ọkọ àti ti ìyàwó. Nígbà mìíràn nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, nígbà mìíràn àlùfáà á kàn kọ pé ó ti dàgbà tó, èyí kò ní ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà, ẹni mìíràn ló sọ ọ́, ní ọdún mìíràn, níwájú àlùfáà mìíràn. Ìyẹn la lè pè ní ẹlẹ́rìí kejì.

Ọmọ Àjárá
Ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà, àmọ́ ti Mẹ́tọ́díìsì ni, ibi tí bàbá bàbá mi ń jọ́sìn. Màá kọ lẹ́tà sí àlùfáà wọn. A ti sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ òkúta pé kó fi àyè ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ná.